Wọ́tàmáàkì ìwé ẹ̀rí yìí hàn lórí tábìlì, ṣé ojúlówó ni?

Agbanisíṣẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹnì kan tó ń wáṣẹ́ mú sàtífíkéètì wá. Bí mo ṣe tẹ́ ẹ sórí tábìlì ni mo ti rí wọ́tàmáàkì rẹ̀ kedere. Mo gbé e kojú fèrèsé, kò hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà tó ga díẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ṣé kí n gbà á?

Bọ̀dá Atẹ̀wé: Èyí tó hàn lórí tábìlì yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ìgbà tí bébà ṣì tutù ni wọ́n ti ń ṣe wọ́tàmáàkì gidi sí i: ibì kan á fẹ́lẹ́, ibòmíràn á ki. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀yìn bébà kọjá ló ń gbé e jáde. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń fi tàdáwà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sójú kan ṣoṣo. Ẹ yí i padà wò. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn òǹtẹ̀ náà pẹ̀lú: bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ wọnú bébà, ibi tó ga níwájú á jin lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá ń dán, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Àwọn iléèwé kan ń lẹ tiwọn náà o.

Ọmọ Ọ́fíìsì: Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ẹ tan iná tí wọ́n fi ń yẹ owó wò sí i. Bó bá tàn bíi búlúù, ayédèrú ni.

Bọ̀dá Atẹ̀wé: Ó kù díẹ̀, àbúrò. Kẹ́míkà tó ń mú bébà ọ́fíìsì funfun ló ń tàn bẹ́ẹ̀, bébà ìwé pàtàkì kì í sábà ní in. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń tẹ ìwé ẹ̀rí gidi sórí bébà lásán. Ẹ wá ti ẹlòmíràn láti iléèwé kan náà, kí ẹ gbé méjèèjì sábẹ́ iná.

Ìyá Bọ́lá: Mo ti fi ọ̀rá bo tèmi láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n á pè é ni?

Bọ̀dá Atẹ̀wé: Rárá, mà. Ọwọ́ ni kò ní lè mọ òǹtẹ̀ rẹ̀ dáadáa mọ́.

Agbanisíṣẹ́: Mo ti yí i padà, kò sí wọ́tàmáàkì kankan lẹ́yìn. Mo wá gba ti òṣìṣẹ́ wa kan tó jáde níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi nígbà mẹ́wàá wo ìlà tín-ínrín abẹ́ ìbuwọ́lùwé. Lórí ti òṣìṣẹ́ wa, orúkọ iléèwé ni wọ́n ń kọ léraléra. Lórí èyí, tótótó lásán ni.

Bọ̀dá Atẹ̀wé: Fótòkọ́pì àti síkánà ló sábà máa ń fọ́ lẹ́tà kékeré báyẹn. Èmi ò ní gbà á. Síbẹ̀, iléèwé lè pààrọ̀ bébà láàárín ọdún méjì, wọ́n sì lè jí bébà gidi tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí. Ẹ kọ̀wé sí iléèwé náà, àmọ́ ẹ má lo nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé ọwọ́ yín.

Agbanisíṣẹ́: Mo ti kọ̀wé, mo ń retí èsì. Ẹni tó ń wáṣẹ́ náà ní èyí tó ti sọnù ni wọ́n tún tẹ̀ fún òun.

Bọ̀dá Atẹ̀wé: Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sójú ìwé pé àtúntẹ̀ ni. Ṣé ẹ rí i?

Agbanisíṣẹ́: N kò rí nǹkan tó jọ ọ́.