Kí ló dé tí K mi ní 500 K kò bá ti inú tábìlì mu?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. N₂ + 3H₂ ⇌ 2NH₃ ni mò ń ṣírò. Ní 298 K, ΔG° jẹ́ −32.9 kJ/mol. Mo fi í sínú ΔG° = −RT ln K, mo rí 5.8 × 10⁵.

Fún 500 K, mo kọ́kọ́ lo ΔG° kan náà, mo rí 2.7 × 10³. Àṣìṣe ńlá ni, torí ΔG° fúnra rẹ̀ máa ń yí bí ooru bá yí. Mo wá lo ΔH°, −92.2 kJ/mol:

```
ln(K2/K1) = -(ΔH°/R)(1/T2 - 1/T1)
```

Ó fún mi ní 0.17, ṣùgbọ́n nǹkan bí 0.10 ló wà nínú tábìlì. Mo rántí yí kJ sí J. Ṣé torí mo ka ΔH° sí ohun tí kì í yí ni? Ṣé kí n fi Cp tún un ṣe?