Ta ló ṣẹ̀dá orin ìbẹ̀rẹ̀ eré Doctor Who, ta sì ni obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń dún nínú rẹ̀?

Ìyá Mofẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní dùrù ní Lọ́ńdọ̀nù níbí fẹ́ ṣe àṣehàn lóṣù tó ń bọ̀, a sì ti fẹnu kò pé iṣẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe orin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò lù. Orin ìbẹ̀rẹ̀ eré Doctor Who wà lára àwọn tí wọ́n yàn, nítorí pé orúkọ Ṣẹ́gun Akínọlá hàn gbangba níbi tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ti ń yí lọ ní ìparí eré náà. Ṣùgbọ́n bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní láti kékeré lòun ti ń gbọ́ orin yẹn, nígbà tí wọn kò tíì bí Ṣẹ́gun. Mo gbé Shazam sí i, Murray Gold ló gbé jáde. Orúkọ ti di méjì báyìí, ìwé ètò sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé láìpẹ́. Ta ni kí n kọ síbẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ta sì ni obìnrin tó ń fi ohùn òkè fa orin náà lọ bí ẹni ń sunkún?

Bọ̀dá Láńre:
Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu rárá, Ìyá Mofẹ́. Ẹni kẹta ló ni orin. Delia Derbyshire ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ BBC ni, ọdún 1963 ló sì ṣe é. Wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, orúkọ rẹ̀ kò hàn lójú tẹlifíṣọ̀n fún ohun tó ṣe títí di ọdún 2013, nígbà tí eré náà pé àádọ́ta ọdún, òun alára sì ti kú lọ́dún 2001. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ohùn tirẹ̀ náà ni.

Ọmọ Ọ̀yọ́:
Èmi kò mọ eré àwọn Òyìnbó yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ẹni tó bá kọrin ló ni ín. Ẹ wo Cock Crow at Dawn ti NTA nígbà yẹn lọ́hùn-ún, Bongos Ikwue ló kọ ọ́, kò sí ẹni tó ń bi ẹnikẹ́ni léèrè. Èmi gan-an ń wá ẹni tó kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ eré Yorùbá kan tí a máa ń wò nílé nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Fídíò tó wà lọ́wọ́ mi ti gé ìparí rẹ̀ dànù, ibi tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ì bá wà. Ẹ bá mi dá sí i pẹ̀lú.

Bàbá Onítéèpù:
Ìyá Mofẹ́, ẹ kú ìdúró. Iṣẹ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n ni mo fi gba owó ìfẹ̀yìntì, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọmọ Austrálíà kan tó ń jẹ́ Ron Grainer ló ṣẹ̀dá orin náà. Ó ti kọ́kọ́ ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ eré Steptoe and Son fún BBC, ojú ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló kọ orin Doctor Who sí: ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, àti àwọn ọ̀rọ̀ bí ìkùukùu àti afẹ́fẹ́ níbi tó fẹ́ kí ohùn máa fò. Lẹ́yìn náà ló gbé e fún ẹ̀ka BBC tó wà ní Maida Vale, tí wọ́n ń pè ní Radiophonic Workshop, níbi tí Delia Derbyshire ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Dick Mills tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó kọrin nínú rẹ̀, Bọ̀dá Láńre. Ohùn tó ń fà bí ẹkún yẹn, ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń yẹ ohun èlò wò ló ń mú un jáde, Delia sì ń yí bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́wọ́ kí ohùn náà lè máa gòkè sọ̀kalẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún gúdù-gúdù wá láti ara okùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi ìka ta, tí wọ́n gbà sórí téèpù, tí wọ́n wá ń mú kí téèpù náà sáré tàbí kó falẹ̀ títí ohùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n nílò fi jáde. Wọ́n á fi abẹ gé ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n gígùn rẹ̀, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ tó lè gba ohùn púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ wọn. Téèpù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa gbàdúrà kí gbogbo wọn jọ rìn. Dick Mills máa ń sọ ọ́ pé nígbà tí ohùn kan kò bọ́ sí ibi tó yẹ, ńṣe ni wọ́n tú àwọn téèpù náà sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ lé wọn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, títí wọ́n fi rí ibi tí ìsopọ̀ kan kò ti dọ́gba pẹ̀lú tàwọn yòókù.

Nígbà tí Grainer gbọ́ ohun tó jáde, ẹnu yà á débi pé ó bi Delia bóyá òun lòun kọ èyí. Obìnrin náà fún un lésì pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni. Grainer fẹ́ kí wọ́n fi Delia kún un gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n jọ ṣẹ̀dá rẹ̀, kí ó lè máa gba nínú owó náà, ṣùgbọ́n BBC kò gbà, nítorí ìlànà wọn ni pé kí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka yẹn má fi orúkọ ara rẹ̀ hàn. Ìdí rèé tí ó fi jẹ́ pé Ron Grainer pẹ̀lú Radiophonic Workshop ni wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́dún 1963.

Ìyá Mofẹ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá. Kí ló wá dé tí Shazam fi ń pe Murray Gold, tí orúkọ Ṣẹ́gun fi wà lójú tẹlifíṣọ̀n? Irọ́ ni wọ́n ń pa ni?

Bàbá Onítéèpù:
Wọn kò purọ́. Ohun tí Shazam dá mọ̀ ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ gan-an, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀dá orin. Tí ẹ bá gbé ẹ̀dà tí Murray Gold tún tò fún eré náà nígbà tó padà dé lọ́dún 2005 sí etí rẹ̀, orúkọ Murray Gold ni yóò sọ. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín fi dùrù lù ú, kí ẹ gbé Shazam sí i, ó lè má rí nǹkan kan sọ, orin yìí kan náà sì ni. Láti ọdún 1980 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tún un tò, Peter Howell, Dominic Glynn àti àwọn mìíràn, Murray Gold kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní ti Ṣẹ́gun Akínọlá, òun ló ṣe orin tó ń lọ lábẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ nínú eré náà láti ọdún 2018 títí di 2022, òun náà sì tún orin ìbẹ̀rẹ̀ tò fún àkókò yẹn. Ó mú lára àwọn ohùn àtètèkọ́ṣe Delia padà wá sínú tirẹ̀, ó sì dára létí mi ju ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ tún wo ìparí eré náà dáadáa. Ìlà orin inú eré dá wà, ìlà orin ìbẹ̀rẹ̀ náà dá wà. Orúkọ tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ máa ń yí padà bí òṣìṣẹ́ ṣe ń yí padà, ṣùgbọ́n ní ìlà kejì, Ron Grainer ló dúró síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹ lọ sí genome.ch.bbc.co.uk, níbi tí wọ́n kó ètò inú ìwé ìròyìn Radio Times àtijọ́ sí, kí ẹ wá ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963. Ọjọ́ yẹn ni eré náà kọ́kọ́ jáde.

Mo fẹ́ fi èyí kún un nítorí ìbéèrè yín nípa ohùn: lọ́dún 2018, Ṣẹ́gun ṣe ẹ̀dà kan tí ohùn ènìyàn wà nínú rẹ̀ fún ìparí eré ọjọ́ kan tó dá lórí bí wọ́n ṣe pín Íńdíà sí méjì. Ìyẹn nìkan ṣoṣo ni mo rántí pé ó rí bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Bọ̀dá Láńre:
Mo gbà lórí ọ̀rọ̀ ohùn, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín pé Grainer fúnra rẹ̀ kò dá orin náà mọ̀ nígbà tó gbọ́ ọ. Ẹni tó kọ ojú ìwé kan àti ẹni tó fi abẹ gé gbogbo ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló ṣiṣẹ́ jù? Èmi kò ní í kọ Grainer síwájú Delia láéláé.

Bàbá Onítéèpù:
Àwa tó wà nídìí iṣẹ́ ohùn kò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn, bùrọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n Grainer ni òfin mọ̀. Ọdún 1981 ló kú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí orin náà sì wà títí ọdún 2051 yóò fi parí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, Ìyá Mofẹ́, bí gbọ̀ngàn tí ẹ ó ti ṣe àṣehàn bá ní kí ẹ kọ àwọn orin tí ẹ lù sílẹ̀ kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí PRS, àjọ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀dá orin, ẹ kọ Ron Grainer síbi tí wọ́n bá ti béèrè ẹni tó ṣẹ̀dá. Ìwé yẹn ló ń gbé owó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, kò ṣeé fi bọ̀wọ̀ fúnni. Ẹ lè bọ̀wọ̀ fún Delia nínú ìwé ètò tí ẹ ó pín fún èrò.

Ọmọ Ọ̀yọ́, mi ò gbàgbé yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọrin má jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, bí Bongos Ikwue tilẹ̀ ń ṣe méjèèjì. Bí orin eré yín bá jáde lórí àwo rí, ẹ wo àárín àwo náà: orúkọ ńlá ni ti ẹni tó kọrin, orúkọ kékeré tó wà nínú àmì àkámọ́ lábẹ́ àkọlé orin sì sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Bí kò bá jáde lórí àwo, ẹ wá ẹni tí fídíò ọjọ́ mìíràn nínú eré kan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dájú pé gbogbo wọn ni wọ́n gé ìparí wọn.

Ìyá Mofẹ́:
Bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ rèé: "Orin ìbẹ̀rẹ̀ Doctor Who. Ron Grainer ló ṣẹ̀dá rẹ̀, Delia Derbyshire ló sọ ọ́ di ohùn ní 1963, Ṣẹ́gun Akínọlá ló tún un tò ní 2018." Nǹkan kan ṣì ń rú mi lójú: ìwé orin tí àwọn ọmọ ń lò, èmi ni mo fetí gbọ́ ọ tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ láti ara ti ọdún 2018. Ṣé mo lè sọ pé ti Ṣẹ́gun ni wọ́n lù?

Bàbá Onítéèpù:
Ó wà lọ́wọ́ ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni, ti Grainer nìyẹn. Ìlù àti àwọn ohùn tó yí i ká ni apá tó jẹ́ ti Ṣẹ́gun, ó sì ṣòro láti fi dùrù gbé wọn jáde. Ẹ fi ìwé náà hàn mí kí n wò ó kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.

Ọmọ Ọ̀yọ́:
Àbúrò ìyá mi kan ní àpótí fídíò àtijọ́ ní Ṣakí. Màá pè é lálẹ́ òní.