Àbọ̀ lórí 05, kóòdù tó ń jáde tí ìsanwó káàdì bá kùnà: mo fẹ́ pa ọ̀rọ̀ yìí dé

Ìbéèrè mi: “Oníbàárà mi lówó nínú àkáǹtì, kí ló dé tí ìjábọ̀ ìsanwó rẹ̀ ń kọ 05, Do not honour?”

Ẹ ṣé o. Ẹ̀gbọ́n tó mọ iṣẹ́ káàdì ló là á yé mi: báńkì tó fún un ní káàdì ló kọ̀, tí kò sì sọ ìdí. Oníbàárà pe báńkì rẹ̀. Àṣé wọ́n ti ti káàdì náà pa fún ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí i nínú áàpù, ₦18,500 wọlé.

Ẹni tó sọ pé àìlówó nínú àkáǹtì ni 05, ẹ ò jìnnà púpọ̀: báńkì mìíràn a máa fi í bo àìlówó, ṣùgbọ́n 51 gan-an ló wà fún un. Àwọn ìsanwó tèmi tó gbé 51 wá, lẹ́yìn owó oṣù ni mo tún ń gbìyànjú wọn. 54 ní tirẹ̀, káàdì ti kọjá ọjọ́. Ẹ má wulẹ̀ tún un gbìyànjú, ẹ béèrè káàdì tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé POS yọ yín lówó láìsan ọjà, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀, báńkì yín ni kẹ́ ẹ fi sùn.

Oníbàárà mi mìíràn ṣì ń gba 05. Báńkì rẹ̀ láwọn ò rí nǹkan kan.