Ibi tí ọ̀rọ̀ pílétílẹ́ẹ̀tì Mọ́mì já sí

"Mọ́mì ń gba abẹ́rẹ́ hẹ́párìn, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ eékún. Pílétílẹ́ẹ̀tì wọn, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, já láti ẹgbẹ̀rún 240 sí 85, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tuntun dì ní itan wọn. Báwo ló ṣe jẹ́?"

Ẹ ṣeun fún ìdáhùn yín sí ìbéèrè tí mo bi yín yìí. Nọ́ọ̀sì tó ní ká fura sí hẹ́párìn ló gbà á. Àyẹ̀wò fi hàn pé ara Mọ́mì ń gbógun ti hẹ́párìn tó lẹ̀ mọ́ prótíìnì kan láti inú pílétílẹ́ẹ̀tì. Ogun yẹn ló ń ta pílétílẹ́ẹ̀tì jí tí wọ́n fi ń ṣù pọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì ni wọ́n ń tán.

Wọ́n dá gbogbo hẹ́párìn dúró, títí kan èyí tí wọ́n fi ń fọ ọ̀nà omi ọwọ́ wọn. Ìyẹn nìkan ò tó, ni wọ́n bá fi ágátróbáànù, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká fa pílétílẹ́ẹ̀tì sí wọn lára, dókítà kọ̀: ẹ̀jẹ̀ ò dà, ó sì lè dá kún dídì. Wáfárìn, oògùn tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, di ìgbà tí iye pílétílẹ́ẹ̀tì bá kọjá ẹgbẹ̀rún 150.

Iye ti di 190. Ẹsẹ̀ ṣì wú díẹ̀. Bóyá wọ́n tún lè gba hẹ́párìn lọ́jọ́ iwájú, àwọn dókítà ò tíì fẹnu kò.