Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí onídìrí mi nítorí rílásà tó jó mi lórí

Àbẹ̀kẹ́, Tanke
Ní ṣọ́ọ̀bù tí mò ń lọ tẹ́lẹ̀, "mú un mọ́ra, ó kù díẹ̀" ni wọ́n ń sọ fún mi. Kí wọ́n tó ṣan rílásà náà kúrò, ìpàkọ́ àti ẹ̀bátí mi ti lé ròrò. Ó ṣomi títí ó fi ń lẹ̀ mọ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí èépá rẹ̀ bọ́, irun ò hù mọ́ níbì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì. Nígbà tí mo rí onídìrí mìíràn, mo kọ èyí sí i lórí Wasáàpù kí n tó lọ:

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Rílásà ti jó mi lórí rí, awọ orí mi ò sì gba nǹkan líle mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, mi ò fẹ́ rílásà, mi ò fẹ́ dáì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, orí ìka ni kí ẹ lò, ẹ má fi èékánná họ ọ́. Òòyà eléyín fífẹ̀ ni kí ẹ fi yà á, láti ṣóńṣó irun wá sí ìdí. Ẹ má jẹ́ kí díráyà gbóná. Ṣùkú lásán ni mo fẹ́, kí ó má le. Bó bá ń ta mí, màá sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró. Bí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ fún mi, kò ní dùn mí."

Ìyá Tólú, Ọ̀fà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Rílásà ọmọdé ni kí ẹ máa lò, ìyẹn kì í jó èèyàn. Ẹ ṣáà fi bàsílíìnì pa gbogbo awọ orí kọ́kọ́.

Màmá Onírun, Òmù-Àrán
Ìyá Tólú, òótọ́ ni ti bàsílíìnì, ó ń dènà díẹ̀. Ṣùgbọ́n tọmọdé náà ń jó èèyàn. Mo ti rí i lórí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun rẹ̀, tó sì ti họ ọ́ káàárọ̀ ọjọ́ náà. Ibi tí èékánná bá ti bó ni rílásà ń gbà wọlé. Bó bá ti ń ta, omi tútù ni kí ẹ dà sí i lójú ẹsẹ̀, kí ó máa ṣàn lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ rílásà tí ìfófòó rẹ̀ máa ń pọ́n bí rílásà bá ṣẹ́ kù. Kí ẹ fọ̀ ọ́ títí ìfófòó yóò fi funfun.

Ràmọ́tà, Ọjà Ọba
Èmi ò lo rílásà rí o, síbẹ̀ iwájú orí mi ń pá. Kẹ́míkà wo nìyẹn?

Màmá Onírun, Òmù-Àrán
Ó jọ pé dídì líle ni, ọmọ mi. Bí ẹ bá dìrí tán, tí ẹ rí kókó wẹ́wẹ́ ní ìdí irun, tí ojú ń fà yín, ẹ ní kí wọ́n tú u lọ́jọ́ náà. Àbẹ̀kẹ́, ibi tí kò hù yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń dán?

Àbẹ̀kẹ́, Tanke
Ó ń dán láàárín, Mà, ṣùgbọ́n mò ń rí irun tíńtín létí rẹ̀. Àǹtí náà tẹ̀ lé gbogbo ohun tí mo kọ, ó tiẹ̀ tú ọwọ́ méjì tó le dì lẹ́ẹ̀kejì.

Màmá Onírun, Òmù-Àrán
Etí rẹ̀ lè hù. Àárín tó ń dán yẹn ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí; dókítà awọ ara ni kó wò ó, ẹ má fi òróró gbígbóná kàn án.