Báwo ni mo ṣe lè fi ààlà sí gbèsè tí ìyá yìí fẹ́ dúró fún?

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìwé ni mò ń bá lọ́yà ṣe ní Àkúrẹ́. Mò ń kọ lẹ́tà sí ìyá kan tó ń ta gàrí ní Ọjà Ọba. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ kó ṣe onídùúró fún owó yíyá ₦600,000. Mo ti ṣàlàyé fún un pé bí àbúrò kò bá san, báńkì lè wá bá ìyá náà tààrà. Ibi tó ti há ni pé fọ́ọ̀mù onídùúró ti báńkì ní ó dúró fún “gbogbo gbèsè, ti ìsinsìnyí àti ti ọjọ́ iwájú”. Bí àbúrò bá tún yá mílíọ̀nù kan lẹ́yìn náà, ọrùn ìyá ló wà! Mo ní kí báńkì fagi lé gbólóhùn yẹn, wọn ò gbà. Ṣé báńkì kan ti gba ìwé àfikún lọ́wọ́ yín rí, tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí, pé ₦600,000 àti èlé rẹ̀ nìkan ni? Báwo lẹ ṣe kọ ọ́?