Ẹsẹ̀ bàbá mi máa ń dá wọn dúró lórí òkè Mápó

Ọmọ Mápó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bàbá mi ti ń bá àtọ̀gbẹ yí fún ọdún 14. Bí wọ́n bá ń gun òkè Mápó, ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún wọn á dì pọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó, wọn á wá dúró nídìí ìsọ̀ aláṣọ kan bí ẹni tó fẹ́ ná ọjà, títí ìrora náà yóò fi lọ. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá wọn, apá jẹ́ 150, ọrùn ẹsẹ̀ jẹ́ 220. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ní ẹsẹ̀ náà kò ní àrùn kankan. Ta ló ti rí irú èyí?

Ìyá Ìbejì: Àgbà ló dé. Ẹ máa fi omi gbígbóná rẹ ẹsẹ̀ wọn lálaalẹ́.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà: Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má ṣe é. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè má mọ ooru mọ́, omi á sì bó o kí ó tó mọ̀.

Bàbá Òjóò: Tèmi náà ń dùn mí, àmọ́ bí mo bá dúró, kò ní lọ, àfi kí n jókòó tàbí kí n tẹ ẹ̀yìn síwájú.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà: Ó jọ pé ẹ̀yìn ni tiyín ti wá, sà. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ẹsẹ̀ dáadáa máa ń lọ bí ènìyàn bá kàn dúró.

Tísà Mọ́kọ́lá: Bí a bá fi 150 pín 220, a ó rí 1.47. Ohun tí mo mọ̀ ni pé 0.90 sísàlẹ̀ ni àrùn. Bàbá yege.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà: Ìdajì òtítọ́ nìyẹn, Tísà. Bí ó bá ti kọjá 1.40, kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dáadáa. Kálísíọ́mù ló ti ba sí ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó fi le bí páìpù, tí àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ kò fi lè fún un pa. Àtọ̀gbẹ a máa fa èyí. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kì í sábà le bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n wọn ìfúnpá níbẹ̀.

Tísà Mọ́kọ́lá: Ẹ̀rọ wo ni wọn yóò fi wọn ìka? Èmi kò rí i rí.

Ìyá Ìbejì: Ohun tí Tísà kò bá rí rí kò sí láyé nìyẹn.

Ọmọ Mápó: A ti lọ wọ̀n ọ́n. Àtàǹpàkò jẹ́ 60, èyí tó já sí 0.40. Dọ́kítà ní ó yẹ kí ó tó 0.70, ó sì fún wọn ní oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

Bàbá Òjóò: Ṣé kí wọ́n ṣíwọ́ ìrìn ni?

Nọ́ọ̀sì Bódìjà: Rárá, ìrìn wà lára ìtọ́jú rẹ̀: kí wọ́n rìn títí yóò fi ro wọ́n, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún rìn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo àárín ọmọìka ẹsẹ̀ wọn bóyá egbò wà.

Ọmọ Mápó: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó ni. Egbò kan wà láàárín ìka kẹrin àti ìkarùn-ún, ó tó ojú ẹ̀wà kan, wọ́n ní kò dun àwọn rí. A ń padà lọ bá dọ́kítà láàárọ̀ ọ̀la.